Páwà báńkì 65W, ráútà 12V: kí ló dé tí okùn PD fi ń gbé 9V jáde?

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ráútà tó ń lo 12V 1A ni mo fẹ́ máa fi páwà báńkì gbé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Páwà báńkì náà jẹ́ 20,000mAh, 65W, ojú USB-C rẹ̀ sì ní PD, ìlànà tí ṣájà àti ohun tó ń gba iná fi ń fẹnu kò sí fóltéèjì. Okùn tí mo rà ní ẹnu USB-C lápá kan àti ẹnu róbótó ti ráútà lápá kejì. Wọ́n kọ 12V sí i lára gàdàgbà. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 9V ló gbé jáde. Iná ráútà tàn, àmọ́ ó ń kú, ó ń jí, Wi-Fi ò dúró. Mo wá ki okùn kan náà bọ ṣájà láptọ́ọ̀pù 45W tó wà nílé, 12V géérégé ló gbé jáde. Ṣé okùn ló bàjẹ́ ni, àbí páwà báńkì? Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páwà báńkì náà nìyí:

```
USB-C Output: 5V⎓3A  9V⎓3A  15V⎓3A  20V⎓3.25A
              PPS 3.3-11V⎓3A
USB-A Output: 5V⎓3A  9V⎓2A  12V⎓1.5A
```

Bàbá Wáyà

Okùn yẹn ni. Ayédèrú ni. Gbogbo ṣájà PD ló gbọ́dọ̀ ní 12V, torí 5, 12 àti 20 ni òfin PD. Ẹ lọ ra òmíràn. Kí ẹ sì ṣọ́ra, ṣájà 65W máa ń ti 65W wọ inú ohunkóhun tí ẹ bá fi sí i. Ráútà kékeré bẹ́ẹ̀ lè jó.

Àǹtí Mítà

Bàbá, ẹ ò jìnnà sí òótọ́ lórí 12V yẹn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó kàn jẹ́. Nínú ẹ̀dà PD àkọ́kọ́ tó jáde ní 2012, 5, 12 àti 20 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀lé e ló yí i padà sí 5, 9, 15 àti 20. Láti ìgbà náà, ẹni tó ṣe ṣájà ló máa pinnu bóyá òun á fi 12V sí i tàbí òun ò ní fi sí i. Ìdí nìyẹn tí ṣájà láptọ́ọ̀pù 45W yẹn fi ní in tí páwà báńkì 65W ò sì ní in. Wọ́ọ̀tì tó pọ̀ kò sọ pé 12V wà níbẹ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé, ẹ tún wo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn. Lórí ìlà USB-C, 12V ò sí. Okùn yín ò bàjẹ́, páwà báńkì náà ò bàjẹ́. Wọ́n dúnàádúrà, wọn ò rí 12V, wọ́n bá fẹnu kò sí 9V.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Tí ẹ bá ki okùn bọ ojú USB-C, iná kankan ò tíì sí lórí wáyà tó ń gbé agbára. Ẹsẹ̀ kan wà nínú USB-C tí wọ́n ń pè ní CC, òun ni ṣájà ń ṣọ́. Tí ó bá rí rẹ̀sísítọ̀ 5.1kΩ tó so CC mọ́ GND, ìyẹn wáyà òdì, ní ìdí kejì, ó mọ̀ pé ohun tó fẹ́ gba iná ti dé, ó sì tan 5V. 5V yìí ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ṣájà 20W tàbí 100W. Lẹ́yìn náà, lórí wáyà CC kan náà, ṣájà á fi àkọsílẹ̀ ohun tó ní ránṣẹ́, ìdáhùn á sì padà wá:

```
páwà báńkì -> Source_Capabilities
                1: 5V 3A
                2: 9V 3A
                3: 15V 3A
                4: 20V 3A
                5: PPS 3.3-11V 3A
okùn       -> Request   (2, 1A)
páwà báńkì -> Accept
páwà báńkì -> PS_RDY
```

Nọ́mbà ni okùn fi ń béèrè. Ó ń sọ pé "fún mi ní ìkejì, mo máa lo 1A". Kò sí ọ̀nà tó fi lè béèrè 12V nígbà tí kò sí ìlà tó ní 12V. Ohun tí okùn á wá ṣe tí kò bá rí èyí tó ń wá, ọwọ́ ẹni tó kọ ètò ṣíìpù inú okùn náà ló wà. Àwọn kan máa ń mú èyí tó súnmọ́ ọn nísàlẹ̀, bí ti yín. Àwọn mìíràn á jókòó sórí 5V. Èyí tó bá mú 15V nítorí pé kò rí 12V ló léwu.

Ẹ sì rí i pé 20V 3A ni mo kọ síbẹ̀, mi ò kọ 3.25A. Kí ṣájà tó fi ohun tó ju 3A lọ, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ okùn fúnra rẹ̀ bóyá ó lè gbé 5A, ṣíìpù kékeré kan nínú ẹnu okùn ló sì ń dáhùn. Tí kò bá sí èsì, ó dúró sí 3A. Kò kan ráútà, àmọ́ ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń gba 60W lórí ṣájà 65W lè wo okùn rẹ̀ kó tó bú ṣájà.

Ní ti jíjó: ṣájà kì í ti kọ́rẹ́ǹtì wọ inú nǹkan. Fóltéèjì ni ṣájà ń dúró lé, ohun tó ń gba iná ló ń fa ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì tó bá fẹ́. 65W ni òpin ohun tó lè fi sílẹ̀. Ohun tó lè jó ráútà ni fóltéèjì tó ga ju èyí tó yẹ lọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tó ń ṣe fìtílà wa náà nìyẹn? Fìtílà tí à ń gba iná sí ni, ojú USB-C ló ní. Tí mo bá fi okùn tó ní USB-C lórí méjèèjì so ó mọ́ ṣájà fóònù tuntun, kò gba iná rárá, àní iná pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò tàn. Tí mo bá fi okùn àtijọ́ tó ní ẹnu fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lápá kan, ó gbà á wẹ́rẹ́. Ṣé fóltéèjì ni wọn ò fẹnu kò lé lórí?

Ṣíìpù Ọ̀yọ́

Rárá o, Ìyá Ìbejì, tiyín ò tíì dé ibi ọ̀rọ̀ fóltéèjì rárá. Ẹni tó ṣe fìtílà yẹn fi ojú USB-C sí i, kò sì fi rẹ̀sísítọ̀ 5.1kΩ tí Àǹtí Mítà sọ síbẹ̀. Ṣájà ò rí ẹnikẹ́ni lórí CC, nítorí náà kò tan 5V. Ojú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn USB-A, kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀, 5V wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìgẹrun, fáànù kékeré àti fìtílà olówó pọ́ọ́kú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní àrùn yìí.

Ẹni tó mọ irin lẹ́ẹ̀dì dì mú lè tún un ṣe. Rẹ̀sísítọ̀ méjì ló nílò, 5.1kΩ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti CC1 sí GND, èkejì láti CC2 sí GND. Ẹ má ṣe so CC1 àti CC2 pọ̀ kí ẹ wá fi ọ̀kan ṣoṣo sí i o. Àṣìṣe yẹn gan-an ló wà lára kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 4 nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 2019. Ó ń gba iná lára okùn lásán, àmọ́ tí okùn náà bá ní ṣíìpù nínú ẹnu, ṣájà á rò pé ohun èlò etí ni wọ́n so mọ́ òun, kò sì ní fún un ní iná. Wọ́n tún un ṣe nínú pátákó tó jáde lẹ́yìn náà.

Tí ẹ ò bá fẹ́ tú u, okùn àtijọ́ yẹn náà ni kí ẹ máa lò. Kò sí ewu kankan níbẹ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí Mítà. Ó ti yé mi. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, PPS tó wà lórí ìlà kejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé ìyẹn lè gbé fóltéèjì èyíkéyìí tí èèyàn bá béèrè.

Àǹtí Mítà

Láàárín ààlà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni o. Ti yín dé 11V, ó tán. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọ 3.3-21V lè béèrè 12V lára rẹ̀, torí pé ní PPS, ohun tó ń gba iná ń sọ nọ́mbà ìlà àti fóltéèjì tó fẹ́, ní ìṣísẹ̀ 20mV. Fóònù ló nílò ìyẹn, kó lè máa yí fóltéèjì díẹ̀díẹ̀ bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń kún, kí ooru má bàa pọ̀ nínú fóònù. Ẹni tó bá ní Samsung tí kò rí "Super fast charging" lórí ojú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣájà rẹ̀ jẹ́ PD, kó wo bóyá PPS wà lẹ́yìn ṣájà náà.

Ohun tó ń dá wa láàmú ní PPS ni pé ìbéèrè kan ò tó. Ẹni tó ń gba iná gbọ́dọ̀ tún béèrè kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó pé, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣájà á gbà pé ó ti kú, á pa gbogbo rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti 5V. Okùn tí ṣíìpù rẹ̀ ń béèrè lẹ́ẹ̀kan tó sì ń sùn kò lè lò ó. Tí ẹ bá rí ráútà tó ń kú ní bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ṣíìpù Ọ̀yọ́

Ẹ gbàgbé PPS. Ọ̀nà méjì ló wà fún yín.

Èkíní ni ojú USB-A tó wà lára páwà báńkì yín. Ẹ wò ó, 12V⎓1.5A wà níbẹ̀, ráútà yín ò sì béèrè ju 1A lọ. Quick Charge, ìlànà mìíràn tí kì í ṣe PD, ni wọ́n fi ń rí i gbà níbẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ o. Ṣájà so wáyà dátà méjèèjì, D+ àti D-, pọ̀ mọ́ra wọn. Ohun tó ń gba iná á gbé 0.6V sórí D+, á sì dì í mú ju ìṣẹ́jú-àáyá 1.25 lọ. Ṣájà á wá tú wáyà méjèèjì kúrò lára wọn. Láti ìgbà náà, iye tó bá wà lórí wọn ni àṣẹ: 0.6V lórí méjèèjì túmọ̀ sí 12V, 3.3V lórí D+ pẹ̀lú 0.6V lórí D- túmọ̀ sí 9V. Ẹni tó ń béèrè ò mọ ohun tí ṣájà ní, ó kàn béèrè ni, á wá wọ̀n ọ́n wò bóyá ó dé. Nítorí náà, tí wáyà D+ tàbí D- bá já nínú okùn, 5V ni ẹ máa bá níbẹ̀ títí.

Ẹ ṣọ́ra níbi ríra rẹ̀. Oríṣi okùn USB-A sí 12V méjì ló wà lọ́jà, ojú wọn sì jọra. Ọ̀kan ń béèrè 12V lọ́wọ́ ṣájà. Èkejì ní pátákó kékeré nínú tó ń gbé 5V sókè di 12V fúnra rẹ̀. Ẹ ki okùn náà bọ ṣájà 5V lásán: tí mítà bá ka 12V, ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ láti rí 12W lórí 12V, ó máa fa bíi 2.8A lórí 5V. Páwà báńkì yín lè fi 3A sílẹ̀, ó kàn kù díẹ̀ kó dé góńgó ni, okùn tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín á sì gbóná.

Èkejì ni kí ẹ gba 15V lára USB-C kí ẹ fi pátákó tó ń rẹ fóltéèjì sílẹ̀ sọ ọ́ di 12V. 12W lórí ráútà á di bíi 0.9A lórí 15V. Kò gbóná, kò ni páwà báńkì lára. Pátákó CH224K ló wọ́pọ̀ fún bíbéèrè, rẹ̀sísítọ̀ kan láti ẹsẹ̀ CFG1 sí GND ló sì ń sọ iye tó máa béèrè:

```
6.8kΩ -> 9V
24kΩ  -> 12V
56kΩ  -> 15V
òfo   -> 20V
```

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Tí lẹ́ẹ̀dì rẹ̀sísítọ̀ yẹn bá tú, 20V ló máa béèrè, páwà báńkì yín sì ní in. Ẹni tó bá so CH224K mọ́ ráútà tààrà láìsí pátákó ìrẹsílẹ̀ láàárín, lẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló dúró láàárín ráútà rẹ̀ àti 20V. Tí pátákó ìrẹsílẹ̀ bá wà níbẹ̀, tó sì lè gba ju 20V lọ lẹ́nu ìwọlé, 12V ṣì ni ráútà á máa rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju okùn 12V tààrà lọ, kódà níbi tí ṣájà bá ní 12V.

Kí ẹ ti yí ìdè pátákó ìrẹsílẹ̀ náà sí 12V kí ẹ tó fi ẹnu róbótó bọ ráútà. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n ní ẹnu róbótó náà gan-an, kí ẹ sì rí i pé àárín ló jẹ́ rere bí àwòrán ẹ̀yìn ráútà ṣe wí. Lẹ́yìn náà, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ráútà ń ṣiṣẹ́. Tó bá ṣubú sísàlẹ̀ 11.5V, wáyà tàbí lẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Bàbá Wáyà

Àǹtí Mítà, mo gbà fún yín lórí 12V. Àmọ́ mo mọ ohun kan: tí iná bá dé, tí ẹ sì ki ṣájà bọ páwà báńkì yẹn, ráútà á kú lẹ́ẹ̀kan kó tó padà jí. Gbogbo wa ló ń rí i.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Òótọ́ ni, Bàbá. Mo ti ra okùn USB-A, mo dán an wò lórí ṣájà 5V, 5V ló kà, torí náà oríṣi àkọ́kọ́ ni. Ó gbé 12V lórí páwà báńkì, ráútà sì dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi fóònù sí ojú USB-C lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ráútà kú pátápátá, mítà ka 5V. Tí mo bá yọ fóònù, ó padà. Tí mo bá ki ṣájà bọ ọ́, ó ń kú fún ìgbà díẹ̀ bí Bàbá ṣe wí.

Àǹtí Mítà

Ọ̀rọ̀ inú páwà báńkì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀rọ ìyífóltéèjì kan ṣoṣo tí gbogbo ojú ń pín lò. Bí ojú méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kò lè fún ọ̀kan ní 12V kó fún èkejì ní 9V, nítorí náà ó dá gbogbo wọn padà sí 5V. Nígbà míì wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, ní ibi tí wọ́n ti kọ Total Output: tí ẹ bá rí 5V⎓3A níbẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ má fi fóònù sí i nígbà tí ráútà wà lórí rẹ̀. Kò sí okùn tó lè yí i padà.

Ṣájà ńlá olójú púpọ̀ tó ní ẹ̀rọ fún ojú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lè má dá wọn padà sí 5V, àmọ́ òun náà máa ń pín wọ́ọ̀tì rẹ̀ lákọ̀tun. Á fi àkọsílẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é láì pa iná, àwọn kan á pa á kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Wáyà

Kàpásítọ̀ ńkọ́? Ẹ fi kàpásítọ̀ ńlá sí ìdí ráútà, á gbé e títí iná á fi padà. 4,700µF tó.

Ṣíìpù Ọ̀yọ́

Kò tó, Bàbá. Tí ṣájà bá tún PD bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, iná lè má sí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ráútà ń lo 8W, 8J ni ẹ nílò. Ká ní 20V ni ẹ fi kún kàpásítọ̀ tí ẹ sì lò ó títí dé 13V kí pátákó ìrẹsílẹ̀ tó kú, ẹ máa nílò bíi 70,000µF. Lórí 12V tààrà, ó máa pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, torí ibi tó lè já sí kí ráútà tó kú kéré gan-an. Lékè gbogbo rẹ̀, tí kàpásítọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́nu okùn, ṣájà á rí i bíi wáyà tó gan ara wọn nígbà tó bá fẹ́ tan 5V, á sì pa á lójú ẹsẹ̀. PD ò gbà ju 10µF lọ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀.

Bátìrì ló lè dí àlàfo ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àpótí kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà, tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú, tí adáptà ráútà ń wọlé sí lápá kan tí 12V ń jáde lápá kejì, ìyẹn kì í sábà já rárá. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ kéré sí ti yín gan-an. Ti yín, 20,000mAh lórí 3.7V jẹ́ 74Wh. Tí a bá yọ ohun tó ń ṣòfò nínú ìyípadà, bíi 60Wh á kù. Ráútà tó ń lo 8W á rí wákàtí 7 lára rẹ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Wákàtí 7 tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé a lè so méjèèjì pọ̀, kí páwà báńkì máa bọ́ àpótí kékeré yẹn, kí àpótí máa bọ́ ráútà?

Àǹtí Mítà

Ó ṣeé ṣe tí àpótí náà bá ń gba 12V wọlé, ẹ ó lo okùn USB-A yín kan náà. Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n ni iye tó ń fà nígbà tí bátìrì tirẹ̀ ti gbẹ tó sì ń bọ́ ráútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ti páwà báńkì ò gbọdọ̀ ju 1.5A lọ lórí 12V. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, páwà báńkì á pa ojú yẹn. Àpótí á máa gbé ráútà lọ láì jẹ́ kí ẹ mọ̀, títí tí òun náà á fi tán.

Ìyá Ìbejì

Èmi náà fẹ́ mọ bóyá ẹnikẹ́ni mọ páwà báńkì tí kì í já nígbà tí iná bá dé. Wọn kì í kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ṣíìpù Ọ̀yọ́

Wọn ò kọ ọ́ lóòótọ́, orúkọ kan náà sì lè yí ohun inú rẹ̀ padà láti ọdún kan sí èkejì. Ní ìsọ̀ ni kí ẹ ti dán an wò: ẹ so okùn 12V mọ́ ọn, ẹ gbé mítà lé e, kí oníṣọ́ọ̀bù wá ki ṣájà bọ páwà báńkì náà, kó sì tún yọ ọ́. Mítà lọ́ra, ó lè má rí ìjá tó yára, nítorí náà ẹ gbé ráútà dání tí ẹ bá lè gbé e. Tí iná orí rẹ̀ bá kú tó tún tàn, ẹ dá páwà báńkì náà padà fún un.